Àdàkọ, àtẹ̀lé tàbí àkójọ: èwo ni kí ẹ fi kọ ìwàásù fún ẹni tí kò lè wá?

Ìwàásù ìṣẹ́jú 50 wà lórí fóònù, alàgbà sì ti ní kí ẹ kọ ọ́ ní ṣókí fún àwọn tí kò lè wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìjọ ní Ìbàdàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n tẹ ohùn náà, kí wọ́n máa kọ bí ó ṣe ń lọ, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n. Ohun tó ń jáde lọ́nà bẹ́ẹ̀ máa ń gùn ní ìbẹ̀rẹ̀, á sì kúrú gan-an níbi tí oníwàásù ti ń sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ gun orí pẹpẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Èkíní ni àdàkọ: ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Èkejì ni àtẹ̀lé: ẹ tẹ̀lé ìrìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ní gbólóhùn tiyín, kó sì kúrú. Ẹ̀kẹta ni àkójọ: ẹ wá ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ kí ìjọ mú lọ sílé, ẹ gbé e síwájú, kí ẹ sì to àwọn ẹ̀rí rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti jáde nínú ìwàásù náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwàásù kan ṣoṣo wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi sí ìjọ kan ní agbègbè Mọ́lété, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Lúùkù 15, ẹsẹ 11 dé 32 ni wọ́n kà, ìyẹn ìtàn ọmọ tó gba ogún rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tó dúró sílé ni oníwàásù ń bá wí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ lọ sí ìkíni, orin, àti ìtàn àwọn ọmọ bàbá kan tó ń bá ara wọn jà lórí ilé ogún ní Bẹẹrẹ. Lẹ́yìn Bíbélì kíkà, ó fi hàn ní ẹsẹ 12 pé bàbá pín ohun ìní rẹ̀ fún àwọn méjèèjì, kì í ṣe fún àbúrò nìkan. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 21, ó fi ẹsẹ 30 wé ẹsẹ 13. Ó wá kúrò lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó bá àwọn tó gbé mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà wí. Ní ìṣẹ́jú 34 ó padà sórí bí ẹ̀gbọ́n ṣe pe àbúrò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 41 ni ó tó sọ pé: “Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí.” Ìyókù jẹ́ àdúrà.

Ibì kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ wo ibi ìṣẹ́jú 21. Bí ó ṣe wà nínú àdàkọ nìyí:

“Ẹ wò ó, ẹ wò ó. Ó ní àwọn aṣẹ́wó ló kó owó fún. Hẹn-ẹn? Ta ló sọ fún un? Ẹ bá mi padà sí ẹsẹ 13. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Wọ́n ní ó ná an ní ìnákúnàá. Ṣé ẹ rí aṣẹ́wó níbẹ̀? Ẹ sọ fún ẹnìkejì yín pé kò sí níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀! Ẹni tó wà nínú oko ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Àwa náà ńkọ́? A ò rí wọn láti ọdún tó kọjá, a ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.”

Ní àtẹ̀lé, yóò rí báyìí:

“Oníwàásù ní kí a fi ẹsẹ 30 wé ẹsẹ 13. Ní ẹsẹ 30, ẹ̀gbọ́n fẹ̀sùn kan àbúrò rẹ̀ pé aṣẹ́wó ló kó owó fún. Ní ẹsẹ 13, níbi tí ìtàn fúnra rẹ̀ ti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ìnákúnàá nìkan ni a kà. Inú oko ni ẹ̀gbọ́n wà ní gbogbo ìgbà náà. Ó ní àwa náà máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn tí a kò rí nínú ìjọ mọ́ (ìṣẹ́jú 21 sí 26).”

Ní àkójọ:

“Ẹ̀gbọ́n ti já okùn ìbátan kí àbúrò tó padà dé. Ó fi ẹ̀sùn tí ìtàn kò sọ kàn án (ẹsẹ 30, ẹ fi wé 13), ó sì pè é ní ‘ọmọ rẹ yìí’ níwájú bàbá. Bàbá dá a lóhùn pé ‘àbúrò rẹ yìí’ ni (ẹsẹ 32).”

Ẹ ṣàkíyèsí pé àkójọ ti fa ohun ìṣẹ́jú 34 mọ́ ti ìṣẹ́jú 21. Oníwàásù kò sọ wọ́n papọ̀. Mọ́tò tó dí ọ̀nà ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni méjèèjì ń fi hàn, ẹni tó ń kàwé lórí ibùsùn kò sì nílò láti bá wa dúró de onímọ́tò.

Àdàkọ kò dájú tó bí a ṣe rò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àdàkọ ni kò lè purọ́, nítorí pé akọ̀wé kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ tún gbólóhùn yìí kà nínú àdàkọ òkè yìí: “Ẹni tó wà nínú oko ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú òkèèrè.” Ẹni tó jókòó sínú ìjọ gbọ́ bí ó ṣe fa ohùn, ó sì mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni: ó ń sọ pé ẹ̀gbọ́n kò mọ nǹkan kan. Lórí ìwé, ohùn ti lọ. Ẹni tó bá kà á láìgbọ́ ọ yóò rò pé oníwàásù gbà pé ẹ̀gbọ́n mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìbéèrè tó ń dáhùn fúnra rẹ̀, àti àwọn ibi tó ti ń fi ẹnu ẹlòmíì sọ̀rọ̀: “Màmá, kí ni mo fẹ́ máa lọ ṣe níbẹ̀?” Ta ló sọ ọ́? Ọmọ inú àpẹẹrẹ kan ni, ṣùgbọ́n lórí ìwé ó dà bí ìbéèrè oníwàásù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àdàkọ dáadáa ní láti fi àmì sí irú ibi bẹ́ẹ̀, kí ó kọ “(ó ń fi ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀fẹ̀)” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, akọ̀wé ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó fẹ́ ni, ó kọ̀ ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ tún wúwo. Tí oníwàásù bá ń sọ ọ̀rọ̀ bíi 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 50 yóò bí ọ̀rọ̀ 6,000, ìyẹn bí ojú ìwé 12 tí kò sí àlàfo nínú rẹ̀. Ẹni tó mọwọ́ títẹ̀ dáadáa lè lo wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lórí rẹ̀, àmì ohùn yóò sì tún fi kún un. Tí ẹ bá sì yọ àmì ohùn kúrò láti yára, àwọn tó ń kà á sókè fún àwọn àgbà yóò máa kọsẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn ibì kan wà tí mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fún mi ní nǹkan míì. Ọmọ ìjọ tí kò gbọ́ràn tó sì fẹ́ gbogbo ìwàásù ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo rẹ̀; kí la fẹ́ fi ṣàlàyé fún un pé ìṣókí tó o? Tí oníwàásù bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nípa ìlànà ìjọ, àdàkọ ibi náà nìkan (ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin) yóò ṣe àǹfààní ju àlàyé ẹnikẹ́ni lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ìjọ bá fẹ́ tẹ ìwàásù náà ní ìwé pẹlẹbẹ.

Àtẹ̀lé: ẹrú ni fún ìtò oníwàásù

Bí ìtò oníwàásù bá dára, àtẹ̀lé yóò dára. Ẹni tó ń ṣàlàyé Bíbélì ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, bíi ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ti to iṣẹ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ kàn máa kọ ẹsẹ, ohun tó sọ nípa rẹ̀, àti ìṣẹ́jú rẹ̀. Tí ẹ̀kọ́ náà yóò bá tún tẹ̀ síwájú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àtẹ̀lé ni kí ẹ mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹni tó pàdánù apá kejì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n dúró sí. Ìpàdé àpérò tí olùbánisọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti sọ̀rọ̀ náà wà níbí: ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, kí ẹ má ṣe kó ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, torí pé wọn kì í sábà fẹnu kò.

Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni àmì ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Họ́sípítù ní ọjọ́ Àìkú lè gbọ́ ohùn náà nígbà tó bá délé lálẹ́. Kò nílò kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ohun tó nílò ni kí ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú 9 ni Bíbélì kíkà ti bẹ̀rẹ̀, pé ìṣẹ́jú 27 sí 31 kò kan òun, àti pé ìṣẹ́jú 41 ni òpó ọ̀rọ̀. Fún un, àtẹ̀lé dà bí àwòrán ojú ọ̀nà ohùn náà.

Ibi tó ti ń kùnà ni oníwàásù tó ń yí po, èyí sì pọ̀ láàárín wa. Oníwàásù Yorùbá tó mọṣẹ́ kì í sábà sọ kókó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yóò sọ ọ́, yóò fi ìtàn bò ó, yóò padà wá sọ ọ́ lọ́nà míì, kí ó lè wọ etí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ lẹ́yìn ìjókòó. Fún etí, ó dára gan-an. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní àtẹ̀lé yóò kọ ohun kan náà ní ìgbà mẹ́ta, òǹkàwé yóò sì rò pé kókó mẹ́ta ni.

Àmì kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ẹ gbọ́ ìwàásù náà lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan àfi ìṣẹ́jú tí ó bá ti yí ọ̀rọ̀ padà. Tí ó bá padà sórí ẹsẹ tàbí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi àtẹ̀lé sílẹ̀.

Àkójọ: ibi tí èrò akọ̀wé ti ń yọ́ wọlé

Òun ló rọrùn jù láti kà, òun ló sì léwu jù láti kọ. Ẹni tó ń ṣe àkójọ ní láti pinnu ohun tó jẹ́ òpó ìwàásù, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni oníwàásù máa ń sọ ọ́ ketekete bí ẹni tiwa ṣe sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 41.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Akọ̀wé ti mọ ìtàn ọmọ onínàákúnàá láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú. Ó kọ pé: “Ọmọ kékeré gba ogún rẹ̀, ó sì ná an fún aṣẹ́wó.” Gbólóhùn náà kúrú, ó dán mọ́rán, ìjọ yóò sì ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ìdàkejì ohun tí oníwàásù fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ gan-an ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ni akọ̀wé gbé sí ẹnu ìtàn, ẹ̀sùn náà sì tún ti di òótọ́.

Bí ẹ ṣe lè mú un rọrùn: ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ yín, kí ẹ wá ìṣẹ́jú tó ti jáde. Èyí tí kò bá ní ìṣẹ́jú, ilé ni ẹ ti gbé e wá. Ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbogbo “ó ní” tó wà níbẹ̀. Nínú ìtàn yìí, bàbá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìránṣẹ́ àti oníwàásù fúnra rẹ̀ ni “ó”. Ẹ kọ orúkọ tàbí ipò ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ibi kọ̀ọ̀kan, kódà bí ó bá fẹ́ dún bí àwítúnwí.

Màmá tí orúnkún kò jẹ́ kó kúrò ní Kúdẹtì mọ́, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé fún, àkójọ ni tirẹ̀. Nítorí irú wọn, mo máa ń fi í sí gbólóhùn tó pé, láìsí àmì tóótòòtó ní iwájú ìlà. Ìlà kúkúrú tí kò parí, bíi “Ìfẹ́ bàbá, ẹsẹ 20”, dára fún ojú, ṣùgbọ́n tí ọmọdé bá kà á sókè, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ 400 sí 500 ti tó. Kíkà á sókè kò ní kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Tí ògbufọ̀ bá wà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Ìbàdàn ń fi Gẹ̀ẹ́sì wàásù, tí ògbufọ̀ sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 50 irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ jẹ́ bíi 25 ní tòótọ́, nítorí náà àdàkọ Yorùbá rẹ̀ kò ní wúwo tó ti òkè yìí. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ máa ń fi òwe kún un, ó máa ń fo gbólóhùn tó bá gùn jù, nígbà míì ó sì máa ń sọ nọ́ńbà tó yàtọ̀. Nínú àtẹ̀lé àti àkójọ, ti oníwàásù ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹ lè yá ọ̀rọ̀ Yorùbá lẹ́nu ògbufọ̀, torí òun ni ìjọ gbọ́, òun náà ni wọn yóò sì máa sọ lẹ́nu. Òwe tí ògbufọ̀ fi kún un, ẹ má ṣe kọ ọ́ sí orúkọ oníwàásù.

Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Nínú ìjọ, oníwàásù lè sọ pé “ìyàwó arákùnrin kan níbí tó ti ń wá ọmọ” tí ojú gbogbo ènìyàn á sì lọ síbì kan. Inú ilé ni wọ́n wà. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ìyàwó náà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ẹni tó gbà á lórí Wáàsáàpù yóò fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ yọ àìsàn, gbèsè, ìgbéyàwó àti ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tí a lè dá mọ̀, kódà nínú àdàkọ. Kí ẹ kọ “(àpẹẹrẹ kan)” síbẹ̀. Ìtàn ilé ogún ní Bẹẹrẹ inú ìwàásù wa ńkọ́? Tí agboolé náà bá ṣeé dá mọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹsẹ Bíbélì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Oníwàásù ń kà láti orí. Ó lè sọ pé Diutarónómì 21:16 ni òfin tó fún àkọ́bí ní ìpín méjì wà, nígbà tó jẹ́ ẹsẹ 17 ni. Ẹ ṣí i wò. Nínú àtẹ̀lé àti àkójọ, ẹ kọ èyí tó tọ̀nà. Nínú àdàkọ, ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ èyí tó tọ̀nà sí àkámọ́. Tí ẹ bá fẹ́ da gbólóhùn Bíbélì kọ, kí ó jẹ́ láti inú èyí tí ìjọ yín ń lò. Bíbélì Mímọ́ tó pé pérépéré láti 1884 ṣì ni ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀ sórí, bí ẹ bá sì kọ ọ́ láti inú ìtumọ̀ tuntun láìsọ, wọn yóò ní ẹ yí Ìwé Mímọ́ padà.

Èwo ni mo mú fún ìwàásù yìí?

Oníwàásù yìí yí po: ó padà sórí ẹsẹ 30 ní ìgbà méjì, ìtò rẹ̀ sì ní onímọ́tò ní àárín. Àtẹ̀lé kò ní gbè é. Kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, nítorí náà àdàkọ yóò kàn jẹ́ ojú ìwé 12 tí a kò ní kà ju ìdajì lọ. Àkójọ ni, pẹ̀lú àmì ìṣẹ́jú mẹ́rin ní ìsàlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn náà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí:

“Ọmọ méjì ló wà níta nínú ìtàn yìí, bàbá sì jáde lọ bá àwọn méjèèjì. Ó sáré lọ pàdé àbúrò lójú ọ̀nà (ẹsẹ 20), ó sì jáde lọ bẹ ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà (ẹsẹ 28). Oníwàásù ní kí a wo èkejì yìí dáadáa, nítorí pé àwa tí a kì í pa ọjọ́ Àìkú jẹ ni.”

Lẹ́yìn èyí ni ogún tó ti gbà láti ẹsẹ 12, ẹ̀sùn ẹsẹ 30, àti ìpè “àbúrò rẹ” ní ẹsẹ 32. Ìparí rẹ̀ ni ohun tí oníwàásù fi parí: Lúùkù kò sọ bóyá ẹ̀gbọ́n wọlé. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tó bá fi “nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wọlé” kún un ti gba iṣẹ́ pẹpẹ.

Kí ó tó jáde, oníwàásù gbọ́dọ̀ rí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìwé náà ránṣẹ́ pẹ̀lú “ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wò ó, sà.” Yóò dá yín lóhùn pé ó dára, Ọlọ́run yóò bùkún yín, kò sì ní tíì kà á. Ẹ bi í ní ìbéèrè pàtó: “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ṣé bí gbólóhùn àkọ́kọ́ yìí ṣe rí ni ẹ fẹ́ kí òpó ọ̀rọ̀ náà rí? Ẹ mẹ́nu ba Diutarónómì 21:16, mo sì kọ 17. Ṣé ó tọ̀nà? Mo yọ ìtàn ilé Bẹẹrẹ kúrò. Ṣé kí n dá a padà?” Mẹ́ta ti tó. Ó lè fi ohùn dá wọn lóhùn láàárín ìṣẹ́jú méjì.